Bí ẹ ṣe lè sọ àkọsílẹ̀ ojúṣe gígùn di àkópọ̀ kúkúrú tí ó ń fi àbájáde hàn

Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé wá bí wọ́n bá ń tún ìwé ìtàn iṣẹ́ wọn kọ, ìyẹn èyí tí a mọ̀ sí síífíì: «Mo ti kọ gbogbo ohun tí mo ń ṣe níbi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ewé méjì. Báwo ni mo ṣe máa gé e kúrú tí ohun tó ṣe pàtàkì kò fi ní sọnù?» Èsì tí mo máa ń fún wọn ni pé gígé kọ́ ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gé ojúṣe 12 kù sí 4, ojúṣe náà ṣì ni 4 tó kù. Ohun tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́ ni ojúṣe ń sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó yí padà lẹ́yìn tí ẹ ti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà ni àbájáde ń sọ. Ẹni méjì lè jókòó sí ipò kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ojúṣe wọn sì bára mu látòkè délẹ̀, síbẹ̀ kí ọ̀kan fi ibẹ̀ sílẹ̀ létòlétò, kí èkejì sì fi í sílẹ̀ ní rúdurùdu. Ẹni tí ó ń ka ìwé yín kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn nínú àkọsílẹ̀ ojúṣe.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a óò tẹ̀ lé nínú ìtọ́sọ́nà yìí: olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí kan tí ó ti lo ọdún 4 lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan iṣẹ́ yìí nítorí pé àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń sọ pé àwọn kò ní àbájáde kankan láti fi hàn, pé ẹrù làwọn kàn ń gbà wọlé tí àwọn sì ń kó jáde.

## Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Àkọsílẹ̀ ojúṣe yín, bó ti wù kó gùn tó.
- Ìpolówó iṣẹ́ tuntun tí ẹ fẹ́ béèrè fún.
- Ohunkóhun tí iye wà nínú rẹ̀: ìwé kíka ọjà, ìwé àkókò ọkọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, lẹ́tà ìgbéléwọ̀n ọdọọdún, ìwé ìyàn-sẹ́nu-iṣẹ́.
- Wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní dí yín lọ́wọ́. Ìdajì àkókò yìí ni yóò lọ sórí wíwá iye. Ìkọ̀wé gan-an kì í pẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín. Ẹ má ṣe kó ìwé agbanisíṣẹ́ yín jáde, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ara yín. Ẹ wo ohun tí ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wò nígbà tí ẹ ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ iye tó jẹ mọ́ iṣẹ́ tiyín nìkan sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ibẹ̀ sílẹ̀, ìrántí yín àti ti àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ni ẹ óò gbára lé, ó sì máa ń tó ju bí ènìyàn ti rò lọ.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kó àwọn ojúṣe sínú agbọ̀n díẹ̀

Àkọsílẹ̀ olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí wa nìyí bí ó ṣe kọ ọ́:

1. Gbígba ọjà tó wọlé àti yíyẹ̀ ẹ́ wò
2. Títo ọjà sórí pẹpẹ
3. Kíka ọjà ní ìparí oṣù
4. Kíkọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé
5. Títẹ àkọsílẹ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà
6. Ṣíṣa ọjà jọ fún àwọn oníbàárà
7. Bíbójú tó kíkó ẹrù sínú ọkọ̀
8. Títọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí
9. Kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun
10. Fífi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ̀gá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀
11. Mímú kí ilé ìkẹ́rùsí wà ní mímọ́
12. Ṣíṣe iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n bá yàn fún mi

Ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ara yín pé: kí ni ì bá bàjẹ́ ká ní n kò ṣe èyí dáadáa? Ìbéèrè yìí dára ju «kí ni mo ṣe àṣeyọrí nínú rẹ̀?» lọ, nítorí pé ìtìjú kì í jẹ́ kí ènìyàn dáhùn ìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ ohun tí ó máa ń bàjẹ́.

Bí a bá ṣe 1, 3, 4 àti 5 láìdáa, iye inú ìwé kò ní bá iye orí pẹpẹ mu. Bí a bá ṣe 2, 6 àti 7 láìdáa, àwọn ọkọ̀ yóò dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá ṣe 8 àti 9 láìdáa, ọjà yóò pòórá, àwọn òṣìṣẹ́ tuntun yóò sì máa ṣe àṣìṣe. Ojúṣe 10 kàn ń ròyìn agbọ̀n àkọ́kọ́ ni, kò nílò àyè tirẹ̀. Ojúṣe 11 wà nínú iṣẹ́ gbogbo olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ní ti 12, n kò tíì rí ìwé ìtàn iṣẹ́ kan tí ìlà yẹn ṣe ní àǹfààní.

Gbogbo ojúṣe méjèèjìlá ti di agbọ̀n 3 nìyẹn: ìpéye iye ọjà, ìyára ìkẹ́rù, ìfọkàntán àti ìkọ́ni. Bí agbọ̀n yín bá ju 4 lọ, a jẹ́ pé orúkọ iṣẹ́ ni ẹ fi ń pín wọn. Ohun tí ó lè bàjẹ́ ni kí ẹ fi pín wọn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá «tẹ́lẹ̀» àti «nísinsìnyí» fún agbọ̀n kọ̀ọ̀kan

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sá. Iye kan ṣoṣo kì í fi àbájáde hàn. Bí ẹ bá kọ pé «ọjà 12 ni iye wọn kò bá ìwé mu», òǹkàwé kò mọ̀ bóyá ó dára tàbí kò dára. Ohun tó máa sọ fún un ni ibi tí nǹkan wà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án àti ibi tí ó dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo agbọ̀n ìpéye. Nígbà tí olùtọ́jú wa dé ibẹ̀, irú ọjà 1,200 ló wà nínú ilé ìkẹ́rùsí náà. Nígbà tí wọ́n ka ọjà ní òpin oṣù tí ó wọlé, iye irú ọjà 48 kò bá ìwé mu. Ó ṣàkíyèsí pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń kọ ọjà tó jáde sílẹ̀, láti inú ìrántí, nígbà tí ó ti rẹ gbogbo ènìyàn. Ó ní kí wọ́n máa kọ ọ́ kí ẹrù tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó tún pín pẹpẹ sí apá 4, ó sì ń ka apá kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dípò kí wọ́n sáré ka gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kíkà náà kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá yọjú, ọjà tí wọ́n ń yẹ̀ wò kò pọ̀, ààyè sì wà láti wá ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù 9, iye irú ọjà tí kò bá ìwé mu ti di 12.

Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn «mo ń ka ọjà ní ìparí oṣù» bo gbogbo ìtàn yìí mọ́lẹ̀.

Agbọ̀n ìyára le díẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó máa ń ṣírò àkókò ọkọ̀. Àmọ́ ìwé ẹnu ọ̀nà wà tí wọ́n ń kọ wákàtí ìwọlé àti ìjáde ọkọ̀ sí. Ó mú ọkọ̀ 10 láti ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó kó ọjà tó ń tà jù sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì mú 10 láti ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Ọ̀sẹ̀ méjèèjì jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ rí bó ṣe máa ń rí. Ọkọ̀ 10 tó kọ́kọ́ wọlé ló sì mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ṣa èyí tó wù ú.

Pàkúté kan wà nínú ìṣirò yìí. Nínú ọkọ̀ 10 àkọ́kọ́, 9 lo bíi ìṣẹ́jú 55, ṣùgbọ́n táyà ọ̀kan jò, ó sì wà nínú ọgbà fún ìṣẹ́jú 240. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí ẹ sì fi 10 pín in, yóò jẹ́ bíi ìṣẹ́jú 73. Iye yẹn yóò mú kí iṣẹ́ yín dà bí ohun tó ga ju bó ti yẹ lọ, táyà tó jò ni ẹ sì ń gba ìyìn lé lórí. Ọ̀nà tó dára ni pé kí ẹ to àkókò náà láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ mú èyí tó bọ́ sí àárín. Ìyẹn jẹ́ 55. Nínú ọkọ̀ 10 kejì, àárín rẹ̀ jẹ́ 35. Ẹ kọ ọ́ pé «láti bíi ìṣẹ́jú 55 sí bíi 35». Ọ̀rọ̀ «bíi» yẹn kì í bu iṣẹ́ yín kù. Ó ń sọ fún òǹkàwé pé ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ẹ kà àti ohun tí ẹ díwọ̀n.

### Bí kò bá sí iye rárá

Irú agbọ̀n kẹta nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹni tó ń ka ìfọkàntán. Ẹ má ṣe dá iye sílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ lè lo èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí:

- Bí iṣẹ́ náà ti gbòòrò tó. Ènìyàn mélòó, irú ọjà mélòó, ìgbà mélòó lọ́sẹ̀.
- Ohun tí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́ nítorí ìṣe yín. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá tẹ́lẹ̀ tí ó sì di tiyín lẹ́yìn oṣù 6, ẹ̀rí nìyẹn.
- Ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tàbí tó ń ṣọ́ nǹkan, kí nǹkan má bàjẹ́ ni àbájáde. Ẹ sọ iye àkókò tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ òótọ́.
- Ìyípadà tí a lè fi ọ̀rọ̀ lásán sọ. «Kò sí ètò ìkọ́ni nígbà tí mo dé, mo kọ ìwé ojú ewé 2 tí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ṣì ń lò.»

Olùtọ́jú wa ní kọ́kọ́rọ́, ó sì ti kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun 5. Ìyẹn tó.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ gbólóhùn kan fún agbọ̀n kọ̀ọ̀kan

Gbólóhùn àbájáde ní ohun mẹ́ta: ohun tó yí padà, bí ó ti yí padà tó, àti ọ̀nà tí ẹ gbà. Ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí òǹkàwé gbà pé ọwọ́ yín ló ṣe é. Ẹ wo bí gbólóhùn kan náà ṣe dàgbà:

> Ojúṣe mi ni láti ka ọjà ní ìparí oṣù.

> Mo mú kí kíka ọjà dára sí i.

> Mo dín irú ọjà tí iye wọn kò bá ìwé mu kù láti 48 sí 12 nínú 1,200 láàárín oṣù 9, nípa kíka apá kan pẹpẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àti kíkọ ọjà sílẹ̀ kí ó tó jáde.

Èkejì ni mo bẹ̀rù jù. Ó ti kúrò ní ojúṣe, ó sì ń dún bí àbájáde, ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ ọ́ fi máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ènìyàn lè yẹ̀ wò nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ṣọ́ra. Ọjà 48 nínú 1,200 jẹ́ 4 nínú ọgọ́rùn-ún, 12 sì jẹ́ 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnìkan lè sọ pé òun dín àṣìṣe kù ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé 36 ti lọ nínú 48. Òótọ́ ni. Ẹlòmíràn lè sọ pé ó kúrò ní 4 nínú ọgọ́rùn-ún ó sì di 1. Òótọ́ náà nìyẹn. Ohun tí kò tọ̀nà ni pé kí ẹ kọ «mo dín àṣìṣe kù ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún», èyí tí yóò bu iṣẹ́ yín kù, tí yóò sì rú òǹkàwé lójú. Bí iye bá kéré, ẹ kọ iye náà gan-an. «Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì» kò dùn mọ́ bí ẹni tó ń bi yín léèrè bá gbọ́ pé láti 1 sí 2 ni.

Bí agbanisíṣẹ́ yín kò bá fẹ́ kí àwọn ará ìta mọ iye ọjà tàbí owó òun, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló bọ́gbọ́n mu jù, nítorí pé ó ń fi ìyípadà hàn láì tú àṣírí.

Ọ̀rọ̀ «mo» náà gba ìrònú. Bí ẹ̀yin 3 bá jọ ṣe é, ẹ sọ apá tiyín: «mo dábàá rẹ̀», «mo darí rẹ̀», tàbí «mo wà lára ẹni 3 tí ó». Olùtọ́jú wa ló dábàá kíkà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ló sì ń darí rẹ̀, nítorí náà ó lè kọ «mo dín in kù» láìbẹ̀rù.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi ìpolówó iṣẹ́ to wọn

Ẹ ka ìpolówó náà, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù. Bí ó bá jẹ́ pé ìpéye àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń wá, gbólóhùn ìpéye ni yóò ṣíwájú. Bí ó bá jẹ́ iléeṣẹ́ tó ń yára kó ẹrù ránṣẹ́, ẹ gbé ti ọkọ̀ ṣáájú. Bí ẹ bá lo ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan tí wọ́n pè ní orúkọ mìíràn nínú ìpolówó, orúkọ tiwọn ni kí ẹ lò, nítorí pé ẹni tó kọ́kọ́ ń ṣa ìwé lè má mọ̀ pé ohun kan náà ni.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ so wọn pọ̀

Gbólóhùn 4 tó. Àkọ́kọ́ sọ ẹni tí ẹ jẹ́, iye ọdún àti bí ibi iṣẹ́ ti tóbi tó; èkejì àti ẹ̀kẹta gbé àbájáde méjì tó lágbára jù; ẹ̀kẹrin sọ ohun tó so yín mọ́ iṣẹ́ tuntun náà. Ti olùtọ́jú wa nìyí, fún ìpolówó tó ń wá ìpéye àti ẹni tó lè darí àwọn mìíràn:

> Olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ni mí, mo sì ti lo ọdún 4 níbi tí irú ọjà 1,200 wà. Mo dín irú ọjà tí iye wọn kò bá ìwé mu kù láti 48 sí 12 láàárín oṣù 9, nípa kíka apá kan pẹpẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àti kíkọ ọjà sílẹ̀ kí ó tó jáde. Mo tún pẹpẹ tò, àkókò tí ọkọ̀ fi ń kẹ́rù sì lọ sílẹ̀ láti bíi ìṣẹ́jú 55 sí bíi 35. Mo ti kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun 5 ní iṣẹ́ yìí, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí wà.

Kò sí «òṣìṣẹ́ takuntakun» níbẹ̀, kò sì sí «olóòótọ́ ènìyàn». Gbólóhùn tó kẹ́yìn ti sọ ọ̀rọ̀ òótọ́ náà láì pe orúkọ rẹ̀.

## Àyẹ̀wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yín ní àkópọ̀ náà, kí ó sì bi yín ní ìbéèrè 3 lórí iye kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbani sí iṣẹ́ lè bi yín ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́.

- Báwo lẹ ṣe mọ iye yìí?
- Kí ló fà á tí ó fi yí padà, ṣé kì í ṣe pé ọjà tàbí ènìyàn kàn dín kù nígbà náà ni?
- Apá wo gan-an ni tiyín?

Iye tí ẹ bá fà sẹ́yìn láti dáhùn lé lórí, ẹ dín in kù sí ohun tí ẹ lè dúró tì, tàbí kí ẹ yọ ọ́. Ìbéèrè kejì ló máa ń mú ènìyàn jù. Bí ọkọ̀ tó ń wá lọ́sẹ̀ bá ti dín kù sí ìdajì lákòókò tí ẹ tún pẹpẹ tò, ìṣẹ́jú 35 yẹn kì í ṣe tiyín nìkan, kò sì yẹ kí ó wà nínú àkópọ̀.

## Àwọn ojúṣe tó kù ńkọ́?

Ẹ má ṣe jù wọ́n nù pátápátá. Lábẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà, níbi tí ẹ ti ń kọ ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ àti ọdún rẹ̀, ẹ fi ìlà kan péré kó wọn jọ: «gbígba ọjà, títò, kíkà, ìkẹ́rù, àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà». Ìyẹn á jẹ́ kí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kan pàtó rí i. Kí ẹ sì tọ́jú àkọsílẹ̀ ojúṣe 12 àti àwọn iye tí ẹ rí sínú fáìlì kan lọ́tọ̀, nítorí pé bí ìpolówó mìíràn bá dé lọ́la tí ó ń wá ohun mìíràn, ìgbésẹ̀ 4 ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbésẹ̀ 1.